Owó Tó Wọlé Kì Í Ṣe Tiwa Tán

Ajégúnlẹ̀ méjì ni gbogbo Èkó mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan wà lọ́nà Àpápá. Èkejì wà ní Kòsọ̀fẹ́, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, téèyàn bá ti kọjá Máìlì 12. Èkejì yìí lọ̀rọ̀ kàn, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń ké láti àárọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan níbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, obìnrin tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá jẹ ẹ́ ní ₦400,000, ₦400,000 géérégé ni yóò rí lórí fóònù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ owó orí kúrò kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ohun tí kò rí kò sì lè ná. Ti aránṣọ yàtọ̀. Ìpín ìjọba wà láàárín owó tó gbà, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, owó orí ní iye kan pàtó. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn yóò san, olúkúlùkù sì mọ iye tó ń wá. Lónìí, èrè ọdún la fi ń ṣírò rẹ̀. Aránṣọ wa kò lè mọ iye tó jẹ títí ọdún yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní ló ti yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń san méjìdínlógún, ó sì ń lọ sókè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí èrè bá fi náírà kan kọjá ₦800,000, gbogbo rẹ̀ ni ìjọba yóò bu jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Náírà kan tó lé yẹn nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ká ní ₦6,000,000 ló wọlé fún aránṣọ yìí lọ́dún. Aṣọ, òwú, bọ́tìnnì, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó àwọn tó ń bá a rán an gba ₦3,000,000. Èrè rẹ̀ ku ₦3,000,000. Ó ń san ₦600,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé, òfin sì jẹ́ kó yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé, bí ohun tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ó yọ ₦120,000, ó ku ₦2,880,000. Ó yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦2,080,000. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn jẹ́ ₦312,000.

Ẹni tó bá yára yóò fi méjìlá pín in, yóò ní òun ń tọ́jú ₦26,000 lóṣooṣù. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ aránṣọ. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń múra láti wọlé, ₦2,700,000 lè wọlé fún un. Ní oṣù kejì, ₦150,000 péré ni. Bó bá yọ ₦26,000 nínú ìyẹn, owó òwú ló yọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà lọ mú un. Ìgbà tó bá ti mú un lẹ́ẹ̀kan, ètò ti dàrú nìyẹn.

Ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni pé kó fi ₦312,000 yẹn wé ₦6,000,000 tó wọlé. Ó lé díẹ̀ ní náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kó sọ ọ́ di mẹ́fà. Bí ₦150,000 bá wọlé, ₦9,000 ló yà sọ́tọ̀. Bí ₦1,200,000 bá wọlé ní oṣù kẹjọ, ₦72,000. Ọjọ́ tí owó wọlé ni kó yà á, kí oníṣòwò aṣọ tó dé. Mẹ́fà yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé o. Oníṣẹ́ tí kì í ra ohun èlò púpọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé, èrè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tó gbà, nítorí náà tirẹ̀ yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ aránṣọ náà bá sì gbòòrò dé ₦8,000,000, tí ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ èrè, tí owó ilé rẹ̀ kò sì yí padà, owó orí rẹ̀ yóò di ₦488,400, mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún yóò sì fi ₦8,400 dín sí i.

Níbo ni yóò kó o sí? Alájọ ló kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n alájọ ń kó owó padà ní ìparí oṣù, lẹ́yìn tó bá ti mú ti ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ owó yìí gbọ́dọ̀ jókòó títí di ọdún tó ń bọ̀. Àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì ló dára jù. Ní Ajégúnlẹ̀ yìí, ìdí pàtàkì wà fún un: ìgbà tí owó yunifọ́ọ̀mù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tán ni odò Ògùn máa ń kún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kúrò nílé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀. Ẹni tí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í rántí owó ìjọba tó wà nínú àkáǹtì kan náà pẹ̀lú owó òwú.

Ìwé kékeré kan tó ń kọ owó sí tún ṣe pàtàkì tó àkáǹtì náà. Bó bá kó àjọ ₦500,000, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì yá a ní ₦200,000, àkáǹtì yóò fi hàn bíi pé ọjà ló tà. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ owó orí ní àṣẹ láti fojú díwọ̀n èrè rẹ̀, kó sì fi ìwé ránṣẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti tako ìwé náà, ìwé kékeré yẹn sì ni ẹ̀rí tó ní. Kó kọ ọ́ bó ṣe yẹ: owó oúnjẹ ilé àti owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́, epo tó lò nílé kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, yóò sọ èrè ọdún tó kọjá fún LIRS, tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Èkó, lórí etax.lirs.net. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 náà kò bọ́ lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù yìí. Òfin tuntun ní ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ téèyàn bá fi pẹ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Aránṣọ wa ti kó ₦360,000 jọ. Ó san ₦312,000, ó fi ₦48,000 tó kù sílẹ̀ sínú àkáǹtì náà. Ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lórí yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ tó ti kéré.