Nígbà Tí Iye Inú Ìjábọ̀ Wa Padà Sẹ́yìn

Ní ìparí Oṣù Keje ọdún kan, mo jókòó sínú ilé páànù kékeré tí a kàn sí ibi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn. Òjò ń rọ̀, mo sì ń wo iye kan tí n kò fẹ́ kọ sílẹ̀. Ìjábọ̀ oṣù kẹrin ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí a ń bá kọ́ ilé petẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù tí ó ṣáájú, mo ti kọ ọ́ sí i pé iṣẹ́ ti dé ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo wá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn yí ilé náà ká, tí mo wọn ohun tí ó wà nílẹ̀, ìdá 34 ni mo bá. Báwo ni ilé tí a ń kọ́ lójoojúmọ́ ṣe wá ń kéré sí i?

Ilé kò kéré. Èmi ni mo purọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò pè é ní irọ́ nígbà náà. Ètò tí a jọ fọwọ́ sí sọ pé ní ìparí Oṣù Kẹfà, ó yẹ kí a wà ní ìdá 36. Mo wo ètò, mo sì kọ ohun tí ètò wí. N kò wo ilé.

Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyí. Ìpìlẹ̀ gba ìdá 20. Ògiri, òpó àti dẹ́kì gba 35. Òrùlé gba 15, iṣẹ́ iná àti omi gba 10, nígbà tí rírẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ọ̀dà gba 20 tó kù. Nínú 35 ti ògiri, òpó àti dẹ́kì, ògiri ìsàlẹ̀ ní 7, òpó ìsàlẹ̀ ní 7, dẹ́kì ní 10, òkè sì ní 11. Ní Oṣù Kẹfà, ìpìlẹ̀ ti parí, ògiri ìsàlẹ̀ náà ti parí. Àwọn òpó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ pákó ara wọn, a rí i pé wọ́n ní ihò kéékèèké bí afárá oyin, irin inú wọn sì ń yọjú níbòmíràn. A ní láti fọ́ wọn, kí a sì dà wọ́n padà. Òpó tí a ó fọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ó parí. Nítorí náà, ìdá 27 ni òtítọ́ Oṣù Kẹfà. Ní Oṣù Keje, a parí òpó náà, a sì dé 34. Ètò ní kí a wà ní 48.

Ọ̀gá mi wo iye náà, ó mi orí. Ó ní, “Kọ 45. Ṣebí owó tí a ti ná ti kọjá ìdajì?” Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ń bà á pé ìyá náà yóò dá owó dúró. Ó sì tọ́ pé a ti ná ìdá 52 nínú owó náà. Ṣùgbọ́n apá kan owó yẹn wà nínú sìmẹ́ǹtì tí a kó pamọ́ àti irin tí a kò tíì gé. Owó tí a ná sọ ohun tí a rà, kò sọ ohun tí a kọ́. Ó tún ní kí n ka pákó dẹ́kì tí àwọn káfíńtà ti kàn dé ìdajì. Mo rán an létí àdéhùn wa: pákó dẹ́kì gba 3 nígbà tí ó bá pé, irin tí a so gba 3, dída kọnkéré gba 4. Ohun tí kò bá tíì pé kò gba nǹkan kan. Bí a bá ń ka ìdajì ìdajì, iṣẹ́ yóò yára dé ìdá 90, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ bí a ṣe pẹ́ tó. Ọjọ́ 6, Oṣù Keje ni ó yẹ kí a da dẹ́kì. Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹjọ ni a lè dà á. Ọjọ́ 35 ni ìyẹn. Dẹ́kì ni mo fi wọ̀n ọ́n, nítorí òun ni gbogbo iṣẹ́ òkè àti òrùlé ń dúró dè. Mo pín ọjọ́ náà sí ẹnu ohun tí ó fà á. Òjò dá wa dúró fún ọjọ́ 9. Owó irin tí kò tètè dé láti Lọ́ńdọ̀nù gba ọjọ́ 12. Òpó tí a fọ́ gba ọjọ́ 14, àwa ni a sì jẹ̀bi rẹ̀. Bí mo bá kọ ti òjò àti ti owó nìkan, ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ẹ̀ka tí ó kẹ́yìn ni ohun tí a ó ṣe. N kò kọ “a ó tẹra mọ́ iṣẹ́”, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wọn ìyẹn. Mo kọ pé láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a bá da dẹ́kì, ọ̀wọ́ bíríkìlà kejì yóò wọlé láti mọ ògiri òkè, àwa ni a ó sì san owó wọn; èyí yóò gba ọjọ́ 11 padà. Bí dẹ́kì bá ń le lọ́wọ́, a ó mọ búlọ́ọ̀kù òkè, a ó sì gé igi òrùlé sílẹ̀; èyí yóò gba ọjọ́ 9, bí owó igi bá dé kí ọjọ́ 15, Oṣù Kẹjọ tó kọjá. Mo tún kọ ohun tí a kò lè yára sí: igi tí ó gbé dẹ́kì dúró gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, iye ènìyàn yòówù kí a kó wá. Ọjọ́ 20 ni a lè gbà padà nínú 35. Ọjọ́ 15 ti lọ. Mo fi ọjọ́ ìparí àtijọ́, 31 Oṣù Kìn-ín-ní, sílẹ̀ níbi tí ó wà, mo sì kọ 15 Oṣù Kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́ ti pa ìdádúró rẹ́ pẹ̀lú.

Ní òkè ìwé náà ni mo kọ ọ́ sí: “Ìdá 36 tí mo kọ ní oṣù tó kọjá kò tọ́. 27 ni.”

Ìyá náà pè ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun. Mo ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún gbogbo àwọn ọmọ mi fún ìṣílé ní ọjọ́ 7, Oṣù Kejì. Ọ̀la ni mo fẹ́ sanwó.” Inú bí i nípa òpó, ó sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Ṣùgbọ́n ó sún ìṣílé náà sí Oṣù Kẹta, owó igi sì dé ní ọjọ́ 12.

Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan nípa 45 mọ́. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 8 ni ó yẹ kí a ti gbà padà. 5 ni a gbà, nítorí ọ̀wọ́ kejì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 17, Oṣù Kejì ni a fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ohun tí a ṣèlérí. Àwọn ọmọ rẹ̀ bá ilé tí ó ní ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti òkèèrè, bí ìjábọ̀ bá dé, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tuntun. Kí ẹ sì bi ẹni tí ó kọ ọ́ pé: kí ni ẹ wọ̀n tí ẹ fi rí iye yìí?