Ó Tó Ọjọ́ Mẹ́ta

Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí a máa fi kọ ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti sún un síwájú, a ti ku mẹ́ta. Ẹnì kẹrin wa kò rí owó ìdánwò san. A gbọ́. A ní tí a bá parí ìdánwò, a máa lọ kí i nílé. A parí ìdánwò, a ò lọ. Èsì jáde, a wọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá parí sì di ohun tí a ń sá fún.

Nínú sáà yìí, olùkọ́ wa ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìkíni, ó sì kan "ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Ó ní ẹ wò ó, ẹni tí a kò rí láti ọdún pípẹ́ náà la ń sọ ọ́ fún, Yorùbá kì í ka ọdún sí ẹni náà lójú. A rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Nígbà tí a jáde, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nínú àwa mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ náà la jókòó ti fóònù kan.

Nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa, orúkọ rẹ̀ ló sì jáde lójú fóònù. Ṣùgbọ́n àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó fara ti mọ́tò ló wà níbẹ̀. Orúkọ tí à ń rí yẹn, àwa la fi ọwọ́ wa kọ ọ́ pamọ́, kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló ṣì ni nọ́ńbà náà. Ní Nàìjíríà, tí síìmù bá lo oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, láìra dátà, ilé iṣẹ́ tó ni ín lè tì í pa. Tí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá lórí rẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Wasáàpù náà lè kọ ọ́ sójú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pé ààbò nọ́ńbà kan ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ra fóònù tuntun lè fa irú rẹ̀, nítorí náà kò tó gbára lé.

Ìdí nìyí tí a kò fi kọ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan sí nọ́ńbà náà. A kí onítọ̀hún, a bèèrè bóyá ọ̀rẹ́ wa ló ń lò ó, ó tán. Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, èmi kọ́ o. Mo ra síìmù yìí ni. Àwọn mìíràn náà ti bèèrè rẹ̀ rí." Ká ní a ti da gbogbo ẹjọ́ wa sílẹ̀, àlejò ni ì bá kà á. Ọjọ́ kejì, a wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin rí lórí Fesibúùkù, ó bi í léèrè kó tó fún wa ní nọ́ńbà tuntun. Èyí tó bèèrè yẹn dára, nítorí ó ti mọ̀ pé à ń bọ̀.

Iṣẹ́ wá kù. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wa kọ "Báwo ni? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta," ó fẹ́ fi ránṣẹ́, a dì í lọ́wọ́ mú. Tí a bá bá ara wa pàdé lọ́jà, ìkíni yẹn dára, ojú wa àti ẹ̀rín wa á parí ìyókù. Lórí fóònù, ó dá dúró bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí kò dárúkọ. Ẹni tó bá rí i á ní owó ni wọ́n fẹ́ yá, tàbí kó rò pé àwọn gbájúẹ̀ ló ti gba Wasáàpù ẹni náà, nítorí bí àwọn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kejì kọ tirẹ̀, ó gùn. Nígbà tí a kà á tán, gbogbo rẹ̀ dá lórí àwa: bí ojú ṣe ń tì wá, bí a kì í ṣeé sùn. Ó dà bí ẹni pé à ń ní kó wá rẹ̀ wá lẹ́kún. Ìparí rẹ̀ ni "Màmá ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi ẹran kún oúnjẹ wa, ó sì wù wá láti bèèrè. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. A kì í dárúkọ ẹni tí a kò mọ bí ó ṣe wà. A pa á rẹ́, a fi "ará ilé ńkọ́?" sí i, kí òun fúnra rẹ̀ yan ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

A tún jiyàn lórí "o" àti "ẹ." Ó lè ti di ìyàwó ilé, ó lè ti bímọ. Ṣùgbọ́n tí a bá pe ẹni tí a jọ jẹ gàrí nínú ife kan ní "ẹ," ọ̀wọ̀ yẹn á dà bí ìjìnnà. A lo "o." Fóònù ẹnì kan ṣoṣo la sì fi kọ ọ́, a ò fà á wọ inú ẹgbẹ́ Wasáàpù wa níbi tí ojú mẹ́ta á ti máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó lọ nìyí, lẹ́yìn tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ti dárúkọ ara rẹ̀: "Àwa tí a jọ ń jókòó nídìí fèrèsé ni. Àbúrò rẹ ló fún wa ní nọ́ńbà. A mọ̀ pé o kò rí ìdánwò kọ lọ́dún náà, a ní a máa wá, a ò wá. Ẹ̀bi wa ni. A ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Tí o kò bá fẹ́ dáhùn, a ò ní bínú. Ará ilé ńkọ́?"

Ọjọ́ méjì ló fi wà ní màákì kan. Lẹ́yìn náà ó di méjì, nírọ̀lẹ́ ó di búlúù. Ó kà á. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí èsì. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kọ òmíràn, a ní rárá, a ti sọ pé a ò ní bínú, ká má tún máa kanlẹ̀kùn.

Ó dáhùn ní ọjọ́ karùn-ún. "Mo rí i látijọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ ni. Mò ń ránṣọ báyìí, mo ní ọmọṣẹ́ méjì. Màmá mi kú ní 2022. Mo rò pé ẹ gbọ́."

A ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo ọdún yẹn, ó ti gbà pé a gbọ́ ikú ìyá rẹ̀, a sì dákẹ́. Bí a ṣe gbọ́ ti ìdánwò tí a sì dákẹ́, kí ni kò ní jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀?

A ò kọ èyí tó gùn padà. A ní, "A ò gbọ́. Kú ará fẹ́ra kù. Ṣé a lè pè ọ́?" Ó ní ká pè ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. A pè é. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò, a ò sì bi í.