Ta ló fún ẹ láṣẹ? Ohun tí olùkọ́ wa sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

1/ Ẹ fara balẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì ni o. Ní kíláàsì àkọ́kọ́ nínú òfin tó ń darí iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa ò gùn rárá. Ó ní kọ́ọ̀sì náà ò ju ìbéèrè mẹ́rin lọ, tí èèyàn máa bi ẹni tó ń lo agbára ìjọba: Ta ló fún ẹ láṣẹ? Ibo ni àṣẹ náà mọ? Ṣé o gbọ́ tẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn? Tó o bá ṣì í lò, kí ni kóòtù lè ṣe?

2/ Méjì àkọ́kọ́ ò le. Ká ní òfin sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ gba owó lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù, tí wọ́n wá ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà. Wọ́n ti kọjá àyè wọn nìyẹn.

3/ Ẹ̀kẹta ló mú kí gbogbo wa dákẹ́. Ó mú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri wá. Ní 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ dìde, lẹ́yìn náà wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan.

4/ Ta ni alága ìgbìmọ̀? Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́! Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló tún jókòó bí adájọ́.

5/ Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ borí ní kóòtù gíga, wọ́n pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn, àmọ́ ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá wọn láre. Ó ní wọn ò rí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ gbà. Ó tún ní ẹ̀sùn bíi dídáná sun ilé, ọ̀ràn ni, kóòtù ló sì lè dá irú ẹ̀ lẹ́bi, kì í ṣe yunifásítì.

6/ Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

7/ Ìbéèrè kẹrin wá ńkọ́? Kóòtù lè fagi lé ìpinnu náà, ó lè dá wọn dúró, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ojúṣe wọn. Àmọ́ kì í wo bóyá ìpinnu náà dáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló ń wò. Nítorí náà, wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò lọ́nà tó tọ́.

8/ Èyí tó kẹ́yìn ni mo kọ sílẹ̀ kíákíá. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí. Ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni gbèdéke yẹn ò dè. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá kàlẹ́ńdà dúró o: bó o ṣe ń kọ lẹ́tà "ẹ jọ̀ọ́ sà", bẹ́ẹ̀ lọjọ́ ń lọ. Tí lẹ́tà ìlénikúrò bá dé, déètì orí ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.