Gbólóhùn Kan fún Ilé-ẹ̀kọ́ Fíìmù

Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní ìlú òyìnbó yìí kò kéré mọ́, ohun kan sì wà tó máa ń dá wọn lágara ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù kan a máa ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ìtàn fíìmù kékeré tí ó fẹ́ ṣe. Lọ́ọ̀gíláìnì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Àwọn ọmọ á kọ ọ́, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ tán, ohun tí wọ́n kọ lè má jẹ́ ìtàn rárá.

Olótùú fíìmù ni mí, iṣẹ́ gígé àwòrán àti síso ó pọ̀ ni mo ń jẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá àwọn ìgbìmọ̀ kan jókòó láti ka irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀ràn náà ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń kà á. Òkìtì fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, tíì rẹ̀ sì ti tutù. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ra fíìmù, ènìyàn ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ náà lè fi ojú ronú, bóyá ó mọ ìwọ̀n ẹrù tí fíìmù kékeré lè rù, àti bóyá ohun kan wà nínú gbólóhùn náà tí wọ́n lè bi í léèrè lọ́jọ́ tó bá dé iwájú wọn. Olówó tó fẹ́ náwó sórí fíìmù á béèrè pé, "Ta ni yóò wá wò ó?" Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á béèrè pé, "Ta ni ẹni tó ń sọ ìtàn yìí?"

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ló ń ba ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́. Fíìmù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe sábà máa ń wà láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí ọmọ tó kọ ọ́ pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò ní Ìbàdàn, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ burúkú, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó sì padà wá bá bàbá rẹ̀ làjà." Fíìmù wákàtí méjì nìyẹn tí wọ́n rún wọ inú agolo mílíìkì. Ọ̀nà tí èmi fi ń dá a mọ̀ ni pé mo máa ń ka ọjọ́, mo sì máa ń ka ibi. Bí ìtàn inú gbólóhùn bá ti kọjá ọjọ́ kan, tí ó sì ti kọjá ibi méjì, mo máa ń fura. Kì í ṣe òfin, àwọn kan ti rú u, tí ó sì dára, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Ẹ wo fíìmù tí Andrea Arnold ṣe ní 2003, tí ó pè ní Wasp, èyí tí í ṣe agbọ́n. Ìṣẹ́jú 26 péré ni, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ti fíìmù kékeré ní 2005. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bí n óò ti sọ ọ́ nìyí: ìyá kan tí kò lówó lọ́wọ́ purọ́ fún ọkùnrin tó wù ú pé àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ òun kì í ṣe tòun, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níta ilé ọtí kí ó lè wọlé lọ bá a. Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí pé ìtàn náà wọni lọ́kàn, kò sí ọ̀rọ̀ nípa òṣì àti àìrójú ìjọba. Ohun tí ìyá náà ṣe ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí náà, ó sì ti ń bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé tirẹ̀ wá bá mi. (Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀ kí n tó kọ èyí.) Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé, "Fíìmù yìí jẹ́ ìtàn tó wọni lọ́kàn nípa ìdánimọ̀, èdè àti àdánù nínú ìdílé kan tó wá láti òkèèrè." Mo ní, "Kámẹ́rà yóò ha rí ìdánimọ̀ bí? Níbo ni ó jókòó sí, aṣọ wo ló wọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná, kí ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá bí ẹni tó ń ròyìn fún ìyá àgbà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí púpọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí kò ní apá, tí kò ní ẹsẹ̀, máa ń yọ̀ wọnú Gẹ̀ẹ́sì wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ròyìn ní Yorùbá fún àgbàlagbà, kíá ni wọn óò bi í pé, "Kí ni ọmọ náà wá ṣe?"

Ó tún un sọ: "Adérónkẹ́, ọmọ ọdún 11, ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì kọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe lágbára tó." Èyí sàn, a ti rí ènìyàn, a ti rí ibi. Ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ orí àti iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́rùn ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà "ó sì kọ́" sì máa ń jẹ́ aṣọ tí a fi bo ihò. Ibi tí ìṣe yẹ kí ó wà ni ó bò. Ó wá yí i padà sí ìbéèrè: "Kí ni ọmọ ọdún 11 yóò ṣe nígbà tí ìròyìn burúkú bá dé?" Mo ní èyí dára fún bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri sinimá, níbi tí a ti ń fi nǹkan pamọ́ kí ènìyàn lè san owó wọlé. Ìgbìmọ̀ kò ní sanwó. Bí a bá fi ìròyìn náà pamọ́ fún wọn, wọn óò rò pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé, "Kí ni ìròyìn náà gan-an?"

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi pàdánù oyún kan ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọmọ ọdún 11 yìí ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ògbufọ̀ tí wọ́n ń retí kò wá. Dókítà ti wo síkáànì tán, ó ní ọkàn ọmọ inú kò lù mọ́. Ìyá rẹ̀ dojú kọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ní kí ni?" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, Màámi. Wọ́n ní ká padà wá lọ́la." Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, ìyá ra ṣíìpì fún un, wọ́n sì ń ka orúkọ tí wọn óò sọ ọmọ títí wọ́n fi délé. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó ṣe, a jókòó, a kọ ọ́ báyìí: "Ọmọbìnrin ọdún 11 tó ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ níbi àyẹ̀wò oyún gbọ́ lẹ́nu dókítà pé ọmọ inú ti kú, ó sì gbọ́dọ̀ yíjú sí ìyá tó ń rẹ́rìn-ín láti sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kí ó sọ nǹkan mìíràn." Nígbà tí a gbé e padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kò ju ọ̀rọ̀ 35 lọ. Ẹ̀rín ìyá náà ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, nítorí ó fún kámẹ́rà ní ojú méjì láti wò, ojú tó mọ̀ àti ojú tí kò mọ̀. Ìyá ń dúró de èsì, nítorí náà kò sí àyè láti rò ó pẹ́. Ọ̀nà méjèèjì tó wà níwájú ọmọ náà sì ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fẹ́ fi irọ́ náà kún un, mo ní rárá. Àwọn kan á ní kí lọ́ọ̀gíláìnì sọ òpin ìtàn. Lójú tèmi, kí a rí yíyàn náà kedere ti tó. Òpin ni ojú-ìwé ìtàn ní kíkún tí wọ́n ń so mọ́ fọ́ọ̀mù náà wà fún.

Ṣùgbọ́n fíìmù kì í gbé inú àpò. Mo ní kí ó ka gbólóhùn náà fún ìyá rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà kà á dé òpin, ó sì sọ ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, tí nọ́ọ̀sì wá ń nu ojú? Mo mọ̀ láti ibẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o jẹ ṣíìpì rẹ."

Lóru ọjọ́ náà, ọmọ náà pè mí pé kí a tún gbólóhùn kọ, kí a fi sínú rẹ̀ pé ìyá mọ̀. A gbé e yẹ̀ wò, a sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ni gbólóhùn náà dúró sí, ọmọ náà kò sì mọ̀. Bí a bá fi ohun tí ìyá mọ̀ kún un, ìtàn ènìyàn méjì ni yóò dà, yíyàn ọmọ náà kò sì ní wúwo mọ́. Ojú-ìwé kejì ni a kọ ọ́ sí, ní ìparí ìtàn, ní ìlà méjì.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó sọ fún mi pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, nínú bọ́ọ̀sì, ojú ta ni kámẹ́rà yóò máa wò. Ó dá wọn lóhùn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ojú ọmọ ni, àfi inú bọ́ọ̀sì nìkan. Níbẹ̀, ìyá ni a óò máa wò, bí ó ti ń ka orúkọ.