Bí Mo Ṣe Kọ̀ Iṣẹ́ Láì Ba Ojú Ọ̀gá Jẹ́

Ní ọjà Máìlì 12, ẹni tó bá sọ pé "rárá" kò tíì kọ nǹkan kan. Oníbàárà á mi orí sí iye tí wọ́n pe apẹ̀rẹ̀ tòmátò, á gbé ẹsẹ̀ méjì, ẹni tó ń tà á sì pè é padà pé "Wá, èló lo fẹ́ san?" Àwa tí a dàgbà ní agbègbè Kẹ́tu sí Ìkòsí mọ̀ pé "rárá" ni ìnájà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti kọ̀ iṣẹ́ fún ọ̀gá tó ti fi í lọ̀ wá: a lè rò pé a ti kọ̀, kí òun sì rò pé owó là ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ní sáà tó kọjá. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìkòsí, tó ń ṣe ìtumọ̀ tí à ń kà nísàlẹ̀ fíìmù, fi iṣẹ́ lọ̀ mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ajé sí Ẹtì, aago mẹ́jọ sí márùn-ún. Màdáámù tó ń darí ibẹ̀ fún mi di ọjọ́ Ẹtì láti fèsì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ṣì wà nílẹ̀, àti pé lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ìjọba ti ń gba ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì sí láti ọdún 1973.

Kí n tó pè é, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì:

"Mi ò fẹ́ ẹ."
"Mi ò tíì lè gbà á."
"Mi ò ní lè gbà á."

Àkọ́kọ́ yé èèyàn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé iṣẹ́ náà kò dára lójú mi. Penelope Brown àti Stephen Levinson, nínú ìwé wọn ti ọdún 1987 lórí ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, gbé àlàyé wọn ka "ojú" tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò fẹ́ kó ti òun. Yorùbá kò nílò ìwé kó tó mọ ìyẹn. "Fẹ́" ń dá iṣẹ́ lẹ́jọ́. "Lè" ń sọ nípa ipò èmi tí mò ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kejì ló dùn létí jù, òun ló sì léwu jù. "Tíì" ń sọ pé ó ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá tó bá gbọ́ ọ á fi àyè náà sílẹ̀ dè mí, ẹlòmíràn tí ì bá gbà á á sì ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ̀kẹta ni mo mú: "ní" ti ilẹ̀kùn ti ìgbà yìí pa, "lè" kò sì bu ẹnikẹ́ni kù.

Mo pè é ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mi ò dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ó jù mí lọ, kò sì yẹ kó kọ́kọ́ rí ìkọ̀sílẹ̀ lórí fóònù bí ẹni ka ìkéde. Mo dúpẹ́, mo sọ gbólóhùn náà, mo sì sọ ìdí kan ṣoṣo. Ó béèrè pé, "Ṣé owó náà ni?" Ìbéèrè yẹn lẹ fi ń mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ "rárá" yín bíi ti ọjà. Mo ní, "Rárá mà, kó tiẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ilé-ìwé kò ní jẹ́ kí n lè máa wá lójoojúmọ́." Ó dákẹ́, ó ní ó yé òun.

Lẹ́yìn náà ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù:

"Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ ṣé gan-an fún iṣẹ́ tí ẹ fi lọ̀ mí, àti bí ẹ ṣe fara balẹ̀ fi iṣẹ́ náà hàn mí. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, mi ò ní lè gbà á, nítorí àpilẹ̀kọ mi àti iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan mọ àmì ohùn fi sí dáadáa, ó sì ń wá iṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́, màá ní kó pè yín."

Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi kí n tó dárúkọ rẹ̀. Mi ò kọ "ẹ má bínú" léraléra, torí ẹ̀bẹ̀ àpọ̀jù máa ń fa ìpẹ̀ sí "rárá." Mi ò sì purọ́ pé ara mi ò yá: Ìkòsí kò tóbi tó irọ́ bẹ́ẹ̀.

Màdáámù pe ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo sì rí fíìmù kan tí wọ́n ṣe ìtumọ̀ rẹ̀, mo kí i fún gbólóhùn kan tí wọ́n túmọ̀ dáadáa. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àmọ́ gbogbo èyí wà fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ti gbà, tó ti fọwọ́ sí i, ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló ń ṣe, kì í ṣe kíkọ̀, ohun tó wà nínú ìwé náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà.