Iye Ìgbà Tó Yẹ Kí Alátọ̀gbẹ Gún Ìka

Bí alátọ̀gbẹ méjì bá ra páálí sitiríìpù oní-50 lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan ń gún ínsúlínì, tí èkejì ń fi oúnjẹ nìkan ṣọ́ ara rẹ̀, kò yẹ kí tiwọn tán lọ́jọ́ kan náà. Ìbéèrè tí mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà ni pé: kí ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde yóò mú kí ènìyàn ṣe?

Ẹ wo ẹni tó ń gún ínsúlínì alápòpọ̀ kó tó jẹun àárọ̀ àti kó tó jẹun alẹ́. Àyẹ̀wò òwúrọ̀ ló ń fi hàn bí abẹ́rẹ́ alẹ́ ṣe ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ ti àárọ̀. Bí ti òwúrọ̀ bá ń kọjá 130 mg/dL lójoojúmọ́, tí ti ìrọ̀lẹ́ sì dára, dókítà mọ abẹ́rẹ́ tó yẹ kí òun yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni ti àsìkò oorun, nítorí ínsúlínì kì í sùn bí ẹni tó gún un bá sùn. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bo ara, tí ẹ̀rọ sì fi 62 hàn, kó mu ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Páálí rẹ̀ kò lè pé ọjọ́ 17. Ti ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ sí gbogbo oúnjẹ á tètè tán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó sitiríìpù kò bá tó ńkọ́? Kó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n jọ yan àsìkò tó ṣe kókó. Bí ara bá sì ń gbọ̀n láìsí sitiríìpù nílé, kó kọ́kọ́ mu ṣúgà.

Ti ẹni tó ń fi oúnjẹ nìkan ṣọ́ra yàtọ̀. Kò ní abẹ́rẹ́ tí yóò dín kù, ṣúgà rẹ̀ kì í sì í sábà já wálẹ̀ débi ewu. Àwọn kan á ní ìmọ̀ kì í pọ̀ jù, kó ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ní North Carolina tọ 450 alátọ̀gbẹ tí kò lo ínsúlínì lẹ́yìn fún ọdún kan. Ṣúgà àwọn tó ń gún ìka lójoojúmọ́ kò sàn ju ti àwọn tí kò gún un lọ. N kò ní kó ju ẹ̀rọ náà nù o. Kó fi dán abọ́ wò: kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó jẹ ẹ̀bà, àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí 118 bá di 210, kó dín ẹ̀bà kù lọ́jọ́ kejì, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Bí ó bá wá di 155, ó ti rí ìwọ̀n tirẹ̀, kò sí ìdí láti tún bi ẹ̀bà yẹn léèrè lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta yóò máa bá a ṣọ́ ìyókù, àfi bí ó bá ń ṣàìsàn, tàbí bó bá lóyún. Bí dókítà bá sì fi hóró Dáónìlì kún un, ó ti kúrò láàárín àwọn olóúnjẹ nìkan, nítorí oògùn yẹn náà lè fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá 70.