Ṣé Ẹran Náà Tútù Ni, àbí Kò Jinná?

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ògbufọ̀ láàárín àlejò àti alásè, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà "tútù".

Nílé ìtura kan n'Íbàdàn, àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá ṣàròyé nípa itan adìyẹ dídín. Agbáwo lọ sọ fún ìyá alásè pé, "Wọ́n ní ó tútù." Ni ìyá bá fẹ́ gbé e gbóná! Mo ní, "Ẹ dúró, Mọ̀mí. Wọ́n ní kò jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ni." Kí ẹran kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò lè pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀.

Ìyá ní bí adìyẹ inú yìnyín ṣe máa ń pọ́n nìyẹn. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àlejò, torí òótọ́ wà níbẹ̀: mùdùnmúdùn eegun adìyẹ kékeré lè mú kí ẹran tó jinná pọ́n. Àlejò wá béèrè bóyá yìnyín ti yọ́ kí wọ́n tó dín in. Mo bi ìyá. Ó ní, "Kò tíì yọ́ tán." Ó parí! Ìta ti jó, inú ṣì ń fà bíi rọ́bà.

Àlejò ti jẹ díẹ̀, mo sì sọ fún un pé ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 6. Wọ́n dín òmíràn tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́, wọ́n sì là á dé eegun lójú rẹ̀.